Àmì Ìbéèrè Kan Ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjẹ àyájọ́ ọdún mẹ́wàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àyájọ́ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó ni mo máa sọ nítorí pé báńkì ni mo ti ń jẹun. Mi ò ní sọ̀rọ̀ owó lónìí, àfi níbi tí owó bá ti fẹ́ sọnù. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju àmì kan lọ. Òun nìyí: "?".

Ìtàn ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ní ọdún kẹfà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, èmi náà ni Alukoro, bí ẹ ti mọ̀. Nọ́ńbà fóònù mi ló wà lórí kàlẹ́ńdà wa. Láàárín ọdún náà, síìmù mi bàjẹ́, mo sì gba nọ́ńbà tuntun. Mo kéde rẹ̀ lórí gúrúùpù Wọ́sáàpù ẹgbẹ́, mo rò pé iṣẹ́ parí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí Wọ́sáàpù mi. N kò mọ nọ́ńbà náà rí. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sì sí orúkọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju àmì ìbéèrè lọ. Mo wò ó, mo ní, "Àwọn gbájúẹ̀ ti tún dé." Mo da fóònù délẹ̀, mo sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nọ́ńbà kan náà tún fi àmì ìbéèrè kan ránṣẹ́. Inú bí mi, mo dí nọ́ńbà náà pa kó má lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Akápò wa pè mí. Ó ní ọ̀kan nínú wa ti wà ní ọsìbítù láti ọjọ́ Ajé, àwọn dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ń béèrè owó àsansílẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé a ní àpò ìrànwọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òfin wa sì ni pé kí owó jáde láàárín ọjọ́ kan tí ìròyìn bá ti dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́. Ìròyìn ti dé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀dọ̀ mi ló dé sí. Èmi ni mo dí i pa.

Ọmọ ọkùnrin wa náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń tẹ fóònù. Ní ọjọ́ Ajé, ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ilé wọn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí nọ́ńbà tó rí níbẹ̀: orúkọ bàbá rẹ̀, ọsìbítù tó wà, ohun tí dókítà wí, iye owó tí wọ́n ń béèrè. Nọ́ńbà mi àtijọ́ ni. Tíìkì kan ṣoṣo ló yọ, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n kò dé orí fóònù ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kò kíyè sí ìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó ọ̀kan nínú wa fún un ní nọ́ńbà tuntun. Ó rò pé bí ènìyàn bá pààrọ̀ nọ́ńbà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sí i máa ń bá a lọ síbi tuntun. Nítorí náà kò tún ọ̀rọ̀ kọ. Àmì ìbéèrè ló fi ránṣẹ́, bí ẹni pé ó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti rí ohun tí mo kọ?"

Kí àwa tó gbọ́, ìyá rẹ̀ ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti fi san owó náà. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Arákùnrin wa jókòó láàárín wa níbí, òun ló ní kí n sọ ìtàn yìí láìdárúkọ òun. A dá owó jọ, a ra ẹ̀rọ mìíràn fún ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó tà ni ìyá rẹ̀ rà fún un nígbà tó gba òmìnira iṣẹ́ ọwọ́. Owó ẹgbẹ́ kò lè ra ìyẹn padà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí dì mú ni pé ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àkọ́kọ́ lójú mi kì í sábàá jẹ́ àkọ́kọ́ lójú ẹni tó fi í ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń jí lójú oorun tí yóò kàn fi "?" ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìrù ọ̀rọ̀ ni àmì náà, orí rẹ̀ wà níbòmíràn. Ó lè wà lórí nọ́ńbà àtijọ́. Ó lè wà nínú gúrúùpù, níbi tí ẹ ti kọ nǹkan tí ẹnì kan fẹ́ bi yín ní ìkọ̀kọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹ jọ sọ níbi ìnáwó lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ ní, "Wá kọ ọ́ sí mi." Ó sì lè wà nínú orí ẹni náà nìkan, tó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tó sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ohun tó fẹ́ tọrọ ń tì í lójú.

Àwọn kan á ní, "Alukoro, ṣebí àwọn baba wa náà ń fi àmì ránṣẹ́, tí wọ́n ń pa àrokò?" Òótọ́ ni, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa. Bí wọ́n bá so ẹyọ owó méjì pọ̀, tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹyọ owó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà sí òun, nítorí pé a gbọ́ "fà" nínú "ẹ̀fà". Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun méjì tí àrokò ní tí ímójì kò ní. Èkínní, ẹni tó dì í àti ẹni tó tú u jọ mọ ìtumọ̀ kan náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ènìyàn ló ń gbé e wá. Bí àrokò bá rú ọ lójú, ó kéré tán wàá lè bi ẹni tó gbé e wá pé ta ló rán ọ, níbo lo ti wá.

Ẹ wá wo èyí: 🙏🏾. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ó lè jẹ́ "ẹ jọ̀ọ́". Ó lè jẹ́ "ẹ ṣeun". Ó lè jẹ́ "àmín". Ó lè jẹ́ "ẹ kú ara fẹ́ra kù". Bí ọ̀rọ̀ bá wà níwájú rẹ̀, a ó mọ èyí tó jẹ́. Bí ẹnì kan bá fún yín ní ẹ̀bùn tó sì jẹ́ pé ìyẹn lẹ fi dá a lóhùn, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ kò mọ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè fi ọgbọ́n orí yan ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀ ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù báńkì ló wà lọ́kàn mi ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo sì kà á jáde láti inú àmì ìbéèrè ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun kan wà tó tún jẹ́ ti èdè wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sí ẹni tí kò mọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá "ẹ" ni yóò lò tàbí "o". Kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà yẹ̀ ẹ́. "Ẹ káàárọ̀" kì í ṣe "káàárọ̀". Ẹni tó rí nọ́ńbà mi lórí kàlẹ́ńdà kò mọ ọjọ́ orí mi. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, kò fẹ́ fi "ẹ" kí ọmọdé. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ̀rù "o" ń bà á. Ọwọ́ tó ń júwe báyìí, 👋🏾, kò ní "ẹ", kò sì ní "o". Mo ti rí àwọn tó fi í sá fún ìṣòro yìí. Nítorí náà, kí a tó sọ pé ọmọ òde òní kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ jẹ́ ká rántí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé ló dí i lẹ́nu.

Báwo ni ká ṣe wá dáhùn? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi irú àmì bẹ́ẹ̀ dá a padà. Ó fi "?" ránṣẹ́, ìwọ náà fi "?" dá a lóhùn. Ẹni méjì wá ń bi ara wọn ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Èkejì ni "Kí ni?" tàbí "Ta nìyẹn?" Lórí ìwé, ìbínú ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dà bí. Ẹni tí ojú ń tì tẹ́lẹ̀ yóò sá.

Ohun tí mo ń kọ báyìí nìyí, mo sì ti tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù mi kí n má baà máa ronú rẹ̀ ní òru:

"Ẹ kú alẹ́ o. Alukoro ẹgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Mo rí àmì tí ẹ fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló dé ọ̀dọ̀ mi. Bí ẹ bá ti kọ nǹkan ṣáájú rẹ̀, n kò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ fẹ́ fún mi. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fi ohùn sọ ọ́."

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ" ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Ìyẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún un, yóò mọ bí òun náà yóò ṣe pè mí. Mo sọ ipò mi, torí pé ìyẹn wà lórí kàlẹ́ńdà fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n n kò sọ orúkọ mi. Gbólóhùn kẹta àti ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Bí mo bá ti kọ wọ́n sí ọmọ arákùnrin wa ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn tó kọ ní ọjọ́ Ajé kò dé ibì kankan, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí mi. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tó kẹ́yìn, ti ohùn, mo fi í síbẹ̀ nítorí àwọn ìyá wa tó jẹ́ pé lílo ímójì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju kíkọ lọ. Ìyá tí kò lè kọ ìwé lè fi ohùn sọ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ tán.

Mo mọ ohun tí àwọn tó gbọ́n láàárín yín ń rò. Ẹ̀ ń sọ lọ́kàn pé, "Ó dáa, bó bá wá jẹ́ gbájúẹ̀ ní tòótọ́ ńkọ́?" Ìbéèrè tó yẹ ni. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń fi ọwọ́ ìkíni lásán ránṣẹ́ lóòótọ́, láti mọ ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ tó sì fẹ́ràn láti dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn lójoojúmọ́: kì í ṣe dídáhùn ló ń jẹ́ kí owó lọ. Ohun tí a bá sọ nínú ìdáhùn ni.

Oníbàárà wa kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gba 👋🏾 láti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tí kò mọ̀. Àwòrán òdòdó ló wà lára rẹ̀. Màmá fi tayọ̀tayọ̀ kọ ọ́ pé, "Háà! Ṣé ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni? Ṣé o ti pààrọ̀ nọ́ńbà?" Ẹ wò ó o. Ẹni náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Màmá ti fún un ní ipò ọmọ, ó ti fún un ní ìlú tó ń gbé, ó sì ti bá a rí àwáwí fún nọ́ńbà tuntun. Ohun tó kù fún un kò ju "Bẹ́ẹ̀ ni mà" lọ. Wọ́n kí ara wọn fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, "ọmọ" náà ní òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà oníhóró mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù Màmá, kí wọ́n jọ̀ọ́ kà á fún òun. Kóòdù tí Wọ́sáàpù fi ń dá olóhun mọ̀ ni. Bí Màmá ti kà á tán, Wọ́sáàpù wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti ń gba ọ̀rọ̀ lórúkọ wọn pé kí wọ́n yá wọn lówó kíákíá. Àwọn kan fi owó ránṣẹ́. Ìtìjú ìyẹn dun Màmá ju owó lọ.

Ẹ fi ìdáhùn Màmá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Màmá fi orúkọ sí i lẹ́nu, èmi ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn. Ọmọ arákùnrin wa yóò dárúkọ bàbá rẹ̀ láìronú, nítorí pé nǹkan náà ń jó o lára. Gbájúẹ̀ yóò ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni?" tàbí "Ẹ gbìyànjú kí ẹ mọ̀ mí." Bí ẹni tí ẹ bi ní orúkọ bá ní kí ẹ fi orúkọ kan fún òun, ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Bó bá sì dárúkọ ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ pe ẹni náà lórí nọ́ńbà àtijọ́ tí ẹ ní, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ohunkóhun tó jáde lọ́wọ́ yín. Kóòdù oníhóró mẹ́fà yẹn, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó pẹ́ tí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Inú Wọ́sáàpù, lábẹ́ "Account", ibì kan wà tó ń jẹ́ "Two-step verification". Ẹ wọ ibẹ̀ lónìí kí ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín kún un. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ rí kóòdù gbà, yóò tún kan ìyẹn kí ó tó wọlé.

Ìdáhùn mi ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ọjọ́ kan bá kọjá tí ẹni náà kò dáhùn, mo máa ń pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán, mo á sì bi Akápò bóyá ó mọ̀ ọ́n. Bí ìyẹn kò bá so èso, mo fi í sílẹ̀. N kì í dí nọ́ńbà pa nítorí àmì nìkan mọ́. Èyí tó sì tún yàtọ̀ ni ti ẹni tí a mọ̀ dáadáa. Bí àgbàlagbà tó ń dá gbé, tí kì í sábàá kọ nǹkan, bá ṣàdédé fi àmì ìdánudúró kan ránṣẹ́, "." báyìí, ẹ má kọ ìwé sí i rárá. Ẹ pè é. Ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ ló ń fi fóònù ṣeré. Ó lè jẹ́ pé ó ń dán an wò bóyá fóònù ń lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ìka kan ṣoṣo ló lágbára láti tẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpè ló tọ́.

Kí n tó jókòó, mo ní ìkéde kan, torí Alukoro ni mí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé ìrántí yìí kì í ṣe ti ara mi mọ́. Ti ẹgbẹ́ ni. Síìmù rẹ̀ wà lọ́wọ́ Alukoro, bí mo bá gbé ipò sílẹ̀, mo máa gbé e fún ẹni tó bá gba ipò náà. Àbá yìí ti ọwọ́ ọmọ arákùnrin wa wá. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún náà, ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ó yẹ kí n tún un kọ." Mo ní rárá o. Èmi ló yẹ kí n bi ọ́.

Ẹ lọ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ nílé, kí ẹ sì fi han àwọn ọmọ yín. Ẹ sọ fún wọn pé bí ọjọ́ kan bá dé tí ọ̀rọ̀ kò fẹ́ jáde, kí wọ́n fi ohun tó bá jáde ránṣẹ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ yóò béèrè.